Lẹ́tà aago mẹ́fà ìdájí

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni oníbàárà mi pè. Ẹja inú yìnyín ni wọ́n ń tà. Ìjábọ̀ iye páálí tó kù ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó lọ ra òmíràn, ìjábọ̀ ọ̀hún kò sì dé.

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi kí n di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì (ta ni yóò jiyàn?). Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo fi déètì kún ìlà inú kúrọ́ọ̀nù nírọ̀lẹ́ àná:

```
0 2 * * * /home/ade/ijabo.sh $(date +%F)
```

Mo ti fọwọ́ tẹ àṣẹ yẹn wò ní tẹ́mínà, ó sì ṣiṣẹ́. Àṣé ibi tí kúrọ́ọ̀nù bá ti rí `%` ló ti máa ń gé àṣẹ. Àkámọ́ tí mo ṣí kò wá rí ẹni tì í. Mo kọ ọ́ ní `\%F`, ó parí.

Mo wá kọ lẹ́tà:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Àtúnṣe tí mo ṣe nírọ̀lẹ́ àná ni kò jẹ́ kí ìjábọ̀ yín jáde. Èmi ni mo dán an wò lọ́wọ́. N kò jẹ́ kí ẹ̀rọ dá a ṣe kí n tó lọ sùn. Àkọsílẹ̀ ọjà yín pé. Mo ti tún un ṣe, ẹ̀rọ sì ti dá a ṣe lójú mi. Ìjábọ̀ náà ló wà nísàlẹ̀ yìí. Aago mẹ́rin ni n ó máa yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Èsì wọn dé kíá: “O ṣé. Títùsì kù páálí mélòó?”