Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Fún Òbí Ọmọ Tí Kò Tíì Mọ Ohun Tí Yóò Kà

Àbúrò mi, bí o bá fẹ́ mọ bí orí àgbàlagbà ṣe lè dàrú tó, lọ sí ilé tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù JAMB. Bàbá ti ní kọ́ọ̀sì tirẹ̀ lápò, ìyá ti ní tirẹ̀ lábẹ́ ìborùn, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti pè láti sọ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù láyé, wòlíì sì ti rí ọmọ náà lójú ìran nínú aṣọ funfun, kò kàn sọ bóyá aṣọ dókítà ni tàbí ti alásè. Ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣèpàdé jókòó sí igun, ó ń tẹ fóònù, bí wọ́n bá sì bi í pé kí ló fẹ́ dà láyé, á ní, "Mi ò mọ̀." Ni ilé á bá gbiná.

Èmi ò rí ohun tó burú nínú "mi ò mọ̀". Àgbà tí kò mọ̀ tó ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí mo ti pẹ́ ní Ọta yìí tó láti rí i tí kọ́ọ̀sì ń wọ̀lú tó sì ń jáde bí aṣọ ẹbí. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí ọmọ rẹ kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì, wọ́n á máa bá ọ kẹ́dùn. Nígbà tó yá, báńkì ni gbogbo ayé ń lé: ìjọba ti dẹ okùn fún wọn láti 1986, báńkì tuntun ń yọ lójúlé-ojúlé, gbogbo ọmọ tó bá ti lè so táì sì fẹ́ ka àkáǹtì. Ní oṣù keje 2004 ni Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀, kéde pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan lọ wá owó tó tó bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà kalẹ̀, nígbà tí 2005 sì fi parí, báńkì 89 ti di 25. Wàá rántí pé ọmọ tó wọlé ní 2002 torí báńkì ń jáde lọ ní 2006, ó wá bá àwọn tí wọ́n ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ pàdé lójú ọ̀nà. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹṣin iwájú tí à ń wò yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí eré tirẹ̀ kí tiwa tó gbéra.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé fọ́ọ̀mù JAMB kò bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́ dà láyé. Ohun tó bi í ni pé: ẹ̀kọ́ mẹ́rin wo lo fẹ́ fi ṣe ìdánwò? Gẹ̀ẹ́sì ti gba àyè kan tipátipá, mẹ́ta ló kù, àwọn mẹ́ta yìí ló sì ń ṣílẹ̀kùn, àwọn náà ló ń tì í. Kọ́ọ̀sì ṣeé pààrọ̀ lẹ́yìn ìdánwò, yunifásítì náà ṣeé pààrọ̀, JAMB á gbowó lọ́wọ́ rẹ á sì bá ọ ṣe é. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí ọmọ fi jókòó ṣèdánwò ni kò ṣeé pààrọ̀ mọ́ lọ́dún náà. Síbẹ̀ kọ́ọ̀sì ni a máa ń jà lé lórí láti alẹ́ dòwúrọ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni a máa ń ní kí ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní káfẹ́ bá wa fi sí i.

Jẹ́ ká wo ọmọ sáyẹ́ǹsì. Bó bá mú Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì, ọ̀nà ẹnjinía ṣí fún un, ti kọ̀ǹpútà ṣí, ti kẹ́mísìrì fúnra rẹ̀ ṣí, kódà ti àwọn ayàwòrán ilé ṣí; ti dókítà àti ti nọ́ọ̀sì ló tì. Bó bá mú Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, ti dókítà àti ti nọ́ọ̀sì ṣí, ti ẹnjinía tì. Ẹ̀kẹta ló ń tan òbí jẹ, nítorí ó dà bí ìlàjà: Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì àti Kẹ́mísìrì. Bàbá á ní òun ti mú díẹ̀ níbí, òun ti mú díẹ̀ lọ́hùn-ún. Àbúrò mi, Físíìsì tó yọ yẹn ni dókítà ń béèrè, òun náà ni ẹnjinía ń béèrè; ìlẹ̀kùn méjèèjì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì. Kọ́ọ̀sì rere ṣì kù níbẹ̀ o, máíkíróbáyọ́lọ́jì wà, iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, àmọ́ kí ó jẹ́ pé ọmọ mọ̀ọ́mọ̀ lọ síbẹ̀ ni, kí ó má jẹ́ pé ó ṣìnà débẹ̀. Níwọ̀n bí yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ti ní ìwà tirẹ̀, wo orúkọ yunifásítì àti kọ́ọ̀sì náà nínú ìwé atọ́nà JAMB tí wọ́n gbé sórí IBASS kí o tó sanwó.

Ìdánwò WAEC ló yàtọ̀. Èsì JAMB kì í ju ọdún kan lọ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ti WAEC á máa tẹ̀lé ọmọ kiri títí tó fi máa hewú. Nítorí náà, ọmọ tí kò mọ ibi tó ń lọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè bá òun gé ẹ̀kọ́ sọnù láti SS 1. Bó bá gba kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì, tí ọkàn rẹ̀ sì yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, JAMB nìkan ni yóò tún ṣe. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ẹni tó bá ti fi igi dí méjì nínú mẹ́ta kò gbọdọ̀ wá máa bú ọjà.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹbí wa níbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ń fẹ́ dókítà, ìyá ń fẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí Ìlú Ọba, ọmọ ní òun ò mọ̀. Mo ní kí wọ́n fi ohun tó fẹ́ dà sílẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó máa ń ṣe fún mi nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá rán an níṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ń po ọṣẹ olómi tà ní Sango. Bí ọṣẹ bá ṣàn jù, àwọn alọ́ṣẹ a máa bu iyọ̀ sí i kó lè ki. Ọmọ yìí ló kíyè sí i pé bí iyọ̀ bá kọjá ìwọ̀n kan, ọṣẹ tó ti ki á tún padà di omi. Ó wá bu ọṣẹ sínú ike kan, ó mú ṣíbí kékeré, ó ń fi iyọ̀ sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀ títí dé ibi tó ti yí padà. Báyọ́lọ́jì rẹ̀ kò burú, àmọ́ àkọ́sórí ni, ọ̀sẹ̀ kì í pé tó fi ń gbàgbé rẹ̀. Ìyá ti rí ìwé yẹn rí, ohun tó sì sọ ni pé kí ó yéé fi iyọ̀ òun ṣòfò.

Ọpẹ́ ni pé Ọta la wà, ibi tí ẹnu ọ̀nà kọ́ńpìnnì kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé. Mo ní kí ó lọ bá ọkùnrin àdúgbò wa kan tó ka kẹ́mísìrì, àti obìnrin kan tó jẹ́ ẹnjinía níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ béèrè bóyá iṣẹ́ náà dára, nítorí kò sí ẹni tó máa fẹ́ sọ fọ́mọdé pé òun ti fi ogún ọdún ṣòfò. Kí ó béèrè pé: kí lẹ ṣe láàárọ̀ àná? Kí ló máa ń bí yín nínú níbẹ̀? Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n kà?

Ọkùnrin náà ní inú láàbù ni òun wà. Òun ń yẹ ọṣẹ wò kó tó jáde, bóyá ó ki tó, bóyá kò ní bó èèyàn lọ́wọ́, ìdánwò kan náà lára gbogbo èyí tí wọ́n bá pò, ọjà tí òun kò bá sì fọwọ́ sí kò ní kúrò nílé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀gá àwọn tó ń po ọṣẹ kì í kí òun tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Obìnrin náà ní páìpù kan ló dí lóru, òun sì wá ohun tó fà á títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ń fi omi la tẹ́kísápọ́ọ̀nù, wọ́n sì rọra ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ohun èlò yẹn, bí omi tí wọ́n bù sí i bá kéré, dípò kó ṣàn, ṣe ló máa ń le gbagidi, àfi kí omi pọ̀ tó ni yóò tó rọ̀. Ẹnu ọmọ yìí kò pa dé mọ́. Ó ti rí irú ẹ̀ lára iyọ̀! Nígbà tó dé ilé, ọ̀rọ̀ páìpù ló ń sọ. Ti láàbù, ó kàn ní ó dáa. Ó tún mú ìròyìn kan wá tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn: ẹni tó ń ra ohun èlò fún kọ́ńpìnnì kan náà, jọ́gíráfì ló kà.

Bí o kò bá mọ òṣìṣẹ́ kankan, àwọn ọmọ yunifásítì tó wá ṣe àítì wà káàkiri. Ètò SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973 ló ń gbé wọn wá, oṣù mẹ́fà gbáko làwọn ọmọ ẹnjinía sì máa ń lò. Wọn kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tó láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún àlejò.

Fọ́ọ̀mù dé. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísìrì. Ó fi ẹnjinía kẹ́míkà ní Yunifásítì Èkó ṣe àkọ́kọ́. Máàkì rẹ̀ kò tó o, àbúrò mi, n kò ní parọ́ fún ọ. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àmọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́rin kan náà ló ṣí ilẹ̀kùn kẹ́mísìrì, ó pààrọ̀ kọ́ọ̀sì, wọ́n gbà á, kò sì lo ọdún kan nílé. Ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì ni iṣẹ́ ọdún kìíní rẹ̀ báyìí, èyí tí àwọn ọmọ ẹnjinía náà ń ṣe. Bí máàkì rẹ̀ bá dára tí àyè sì wà, ó lè béèrè láti sọdá. Bí kò bá sì rí àyè, láàbù ń bẹ, páìpù náà ṣì ń dí.

Bàbá rẹ̀ ti gba kámú. Àbúrò ọmọ náà ọkùnrin ló kàn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS 1, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti pè é jókòó láti bi í pé kí ló fẹ́ dà láyé. Mo ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣe ní Sátidé tó kọjá.