Ẹ̀jẹ̀ fún oṣù òjò

Ẹ̀yin ará Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́, lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, láti aago 8 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán, wọn yóò máa gba ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sábà máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti gba ìsinmi báyìí, ibà ẹ̀fọn sì ń fa ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára àwọn ọmọdé. A ò lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ títí lọ: nínú fíríjì, bí ọjọ́ 35 ni. Ọmọ tó wọn kílò 10, tí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, tó ń mí gúlegúle, lè nílò nǹkan bíi mílílítà 200. Àpò kan láti ara yín jẹ́ nǹkan bíi 450.

Ẹni tó ti pé ọdún 18, tí kò ju 60 lọ, tó wọn kílò 50 ó kéré tán, lè wá. Kí aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú dúró ná. Bí ibà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yín, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ẹ má fi pamọ́. Ọkùnrin tó bá ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rí, kí ó ti tó oṣù 3 láti ìgbà náà. Obìnrin, oṣù 4. Ẹ jẹun, ẹ mu omi dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání.