Orúkọ Tí Iye Èrò Kò Sọ

Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ń gba àlejò ní ìjọ wa ní Ìsẹ́yìn. Iṣẹ́ náà kò jọ iṣẹ́ tó le lójú mi nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ọ́ṣà kan a ka orí àwọn tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì a ka ti ọwọ́ òsì, èmi a sì kọ àpapọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Níbi ìpàdé oṣù, a ó ka iye náà jáde. Bí kò bá ti lọ sílẹ̀, gbogbo wa a pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé kíkà orí pàápàá ní ìlànà. Bí a bá kà á nígbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń pẹ́ dé kò ní sí níbẹ̀. Bí a bá kà á nígbà ọrẹ, àwọn ènìyàn ń rìn lọ rìn bọ̀, a ó sì ka ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì. A wá fẹnu kò pé ìgbà tí oníwàásù bá ń ka ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ ni kí a máa kà, kí a ka àwọn ọmọdé lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ 127 di 130 nítorí pé ó dùn ún gbọ́.

Iye tó pé pérépéré náà ṣì ń fẹ́ àlàyé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí èrò bá dínkù ní oṣù Kẹfà ní Òkè-Ògùn, oko ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa sùn sí abà. Bí èrò bá pọ̀ sí i ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ìlú ló ti Èkó àti Ìbàdàn dé. Nítorí náà, oṣù Kẹfà ọdún yìí ni mo máa ń fi wé oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá. N kì í fi wé oṣù Kejìlá.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, mo sì rò pé mo mọ iṣẹ́ mi, títí ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ kan fi ṣẹlẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú àgọ́, ìjọba a pín wọn káàkiri ìpínlẹ̀, àwọn kan a sì bọ́ sí ìlú wa láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọmọbìnrin kan láti ìpínlẹ̀ Bẹ́núè wà lára wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọ́kọ́ wá, a ní kó dìde, a kọrin fún un, a pàtẹ́wọ́, ó sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí káàdì. Nígbà tí mo ń da káàdì náà kọ sínú ìwé, mo fi 1 rọ́pò 7. Ní Ọjọ́bọ̀ mo pe nọ́ńbà náà. Ọkùnrin kan dá mi lóhùn pé n kò mọ ẹni tí mò ń pè. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ pé, "A kò rí i bá sọ̀rọ̀," mo sì ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ọmọ náà tún wá lọ́jọ́ Ìsinmi méjì sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí kì í ṣe àlejò tuntun mọ́, kò sì tíì di ọmọ ìjọ. Lẹ́yìn náà, kò wá mọ́. Iye èrò wa lóṣù náà ni 131, 128, 133 àti 129. Kò sí ohun tó yẹ̀, nítorí bí ẹnì kan ti ń jáde ni ẹlòmíràn ń wọlé.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo bá a pàdé lọ́jà, ó ti rù. Ibà táífọ́ọ̀dù ló dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun nìkan nínú yàrá, kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú. Pẹ̀lú ìwọ̀nba Yorùbá tó ti gbọ́, ó ní, "Ẹ kọrin fún mi. Ẹ ò wá mi."

Nígbà tí mo délé, mo kó gbogbo káàdì oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ti àwọn tó bá ẹbí wá ṣe ìdúpẹ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ti padà sí ìlú wọn. A kò retí wọn. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń gbé láàárín wa. Mẹ́rin péré ló ṣì ń wá. Àwọn mẹ́rin yìí ni ẹnì kan nínú wa ti dé ilé wọn kí ọjọ́ Ọjọ́rú tó kọjá. Nínú àwọn mọ́kànlá yòókù, àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí méje. Nọ́ńbà àwọn mẹ́rin kò lọ. N kò sọ pé àbẹ̀wò nìkan ló mú àwọn mẹ́rin náà dúró, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó ti ní ojúlùmọ̀ láàárín wa ni a tètè bẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìwé ńlá mi kò lè sọ ìkankan nínú èyí fún mi.

Àgbà kan nínú ìjọ ló sọ fún mi pé ọ̀nà àbáyọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1742, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Jọ́ọ̀nù Wẹ́sílì ní ìlú Brísítọ́ọ̀lù, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ gbèsè ilé ìpàdé wọn. Ọ̀gá atukọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Fóì dábàá pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí a pín wọn sí bí ẹni méjìlá méjìlá, kí ẹnì kan sì máa gba owó náà láti ilé dé ilé. Owó ni wọ́n wá lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn agbowó ti ń wọlé kiri, wọ́n ń rí ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tí ìwà rẹ̀ ti yí padà. Bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní ọdún 1842, kíláàsì sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Àwa náà ní tiwa. A kàn ti sọ ọ́ di ibi tí a ti ń gba owó, a sì ti gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń gbé owó náà wá.

Ìyípadà tí a ṣe kò pọ̀. Ohun mẹ́rin péré ni káàdì wa ń béèrè báyìí: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, àti bóyá àlejò náà ń gbé ní ìlú tàbí ó ń kọjá lọ. Kí ó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, a ó pe nọ́ńbà náà kí fóònù rẹ̀ dún. A ó béèrè bóyá ó fẹ́ kí a wá kí òun; ẹni tó bá ní kí a má wá, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a kò sì ní lọ. Fún ẹni tó bá gbà, a ó fi orúkọ ẹni méjì nínú kíláàsì àdúgbò rẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀, torí iṣẹ́ tí a fi rán gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ ẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí Ọjọ́rú tó kọjá, wọn kò gbọ́dọ̀ pẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ owó.

Lẹ́yìn náà ni ìwé mi kejì, ìwé pẹlẹbẹ kan tí mo ń tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Orúkọ àlejò kọ̀ọ̀kan a wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ó bá wá, mo fàlà sí i. Bí kò bá wá, mo fi àyè náà sílẹ̀ lófo. Bí òfo méjì bá tẹ̀lé ara wọn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ náà parí ọdún rẹ̀, ó sì ti lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, 129 ni wá. Nínú ìwé pẹlẹbẹ, orúkọ méjì ló ní òfo méjì. Ọ̀kan ti lọ sí abà, ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún wa. Ti èkejì, n kò tíì mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ òní ni a ó lọ sílé rẹ̀.