Aṣọ la ní kó pààrọ̀, kì í ṣe èèyàn

Ẹ̀yin tèmi, Ajíbọ́dé ni mo ti ń ya fọ́tò aṣọ. Oníbàárà tó bá pàdé mi lójú títì gbọ́dọ̀ dá mi mọ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè yín.

1. "Kí ló dé tí irun dídì mi di wíìgì?"
Áàpù yẹn kì í kàn wọ aṣọ fún yín. Ó sábà máa ń tún gbogbo fọ́tò yà ni, ìdí nìyẹn tí irun ò fi yọ sílẹ̀. Ibi tí kò bá dá a lójú, ohun tó ti rí jù ló máa fi dí i.

2. "Ó sọ mí di àgbà, ó tún bó mi!"
Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kọ. "Ìró àti bùbá ìyá ìyàwó" máa fa ojú àgbà wá. "Iná sítúdíò" lè mú àwọ̀ yín funfun. Aṣọ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣàpèjúwe: àdìrẹ aláró, ọwọ́ gígùn.

3. "Báwo la ṣe máa dá a dúró?"
Ẹ fi ìka kun aṣọ nìkan, ẹ má kan ọrùn àti irun. Tí áàpù yín ò bá gbà, ẹ gbé fọ́tò àkọ́kọ́ lé tuntun lórí, kẹ́ ẹ pa ibi aṣọ nìkan rẹ́.

Ṣùgbọ́n tí aṣọ tuntun bá gé lápá, áàpù ló máa hùmọ̀ apá yín o. Ẹ fi àwọ̀ ẹ̀ wé ti ojú.