Kóńgò Kì Í Ṣe Kílò

Gàrí Ìjẹ̀bú ni mo ń tà láti Òrù lórí ọjà kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹjọ́ àwọn oníbàárà pọ̀ jù, àwọn tó ni ọjà náà ti ìsọ̀ mi pa, wọ́n sì di owó mi mú. Wọ́n ní mo lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀. Èébú ni mo kọ: òpùrọ́ làwọn oníbàárà, àwọn awakọ̀ ló ń bu gàrí mi jẹ lọ́nà, mo sì lọ́mọ níléèwé, kí wọ́n ṣàánú mi. Wọn ò gbà á.

Inú bí mi. Mo forúkọ àbúrò mi ọkùnrin ṣí ìsọ̀ mìíràn, àmọ́ àkáǹtì báńkì tèmi náà ni mo ní kí wọ́n máa sanwó sí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ẹnì kan náà ni wá, ni wọ́n bá ti ìyẹn náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti pẹ́ nídìí irú òwò yìí l'Ékòó, ló bi mí pé, "Kí ni àwọn tó fẹjọ́ sùn sọ gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni wọ́n ń pa."

"Ṣé ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn?"

Ká sòótọ́, mi ò tíì kà wọ́n délẹ̀. Nígbà tí mo kà wọ́n, àpò kílò 5 ni gbogbo àwọn tó ní gàrí ò pé ń sọ; kò sẹ́ni tó ráhùn nípa ti kílò 1. Ìwọ̀n ni mo fi ń wọn ti kílò 1. Ní ti kílò 5, kóńgò mẹ́ta olórí ni mò ń dà sínú ọ̀rá, bí a ti ń ṣe lọ́jà. Mo yá ìwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja: kílò 4.2 ni mo rí. Gàrí tó gbẹ dáadáa sì máa ń fúyẹ́, ó lè kún kóńgò kó má wúwo.

Àwọn oníbàárà yòókù tó fẹjọ́ sùn ní gàrí náà hu. Ẹ̀bi mi nìyẹn náà: mo ń dì í nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ láti inú agbada, ooru rẹ̀ a sì domi nínú ọ̀rá.

Lẹ́tà tuntun kò gùn:

"Kóńgò ni mo fi wọn àpò kílò 5, nítorí náà kò pé. Mo di àwọn kan nígbà tí wọn ò tíì tutù, wọ́n sì hu. Ẹ yọ owó àwọn oníbàárà tí nọ́ńbà ọjà wọn wà nísàlẹ̀ yìí nínú owó mi tó wà lọ́wọ́ yín. Mo ti ra ìwọ̀n. Àwòrán rẹ̀ àti rìsíìtì rẹ̀ rèé. Gàrí á sùn mọ́jú lórí àtẹ kí n tó dì í. Èmi ni mo ṣí ìsọ̀ kejì. Mi ò ní ṣí òmíràn."

Wọ́n ṣí ìsọ̀ mi, wọ́n sì san ìyókù owó mi lẹ́yìn tí wọ́n dá ti àwọn oníbàárà padà. Ti àbúrò mi ni wọn ò ṣí. Ó fẹ́ máa ta ìdérí fóònù níbẹ̀ báyìí, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò wọlé mọ́.