Ọmọdé àti Àdàpè Ikú

Yorùbá kì í fi gbogbo ẹnu pe ikú. Bí ọba bá kú, a ní ó wàjà. Bí àgbàlagbà bá kú, a ní ó papò dà, ó tẹ́rí gbaṣọ, tàbí ó fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ fẹ́ rọra sọ ọ́ yóò ní onítọ̀hún sùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí àdàpè, wọn a sì máa gba máàkì lórí wọn nínú ìdánwò. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé àdàpè kò wúlò àfi létí ẹni tí ó ti mọ ohun tí a ń dà pè. Àgbàlagbà tí ó gbọ́ pé Màmá sùn mọ̀ pé ikú ni. Ọ̀rọ̀ náà dà bí aṣọ tí a fi bo ohun tí òun ti rí tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ. Aṣọ nìkan ni ó rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo agbo ilé kan ní Iléṣà. Ìyá àgbà ẹni ọdún 78 ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá wó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kú sí ilé ìwòsàn. Ọmọ ọmọ mẹ́ta ni ó ń bá a gbé: ọmọbìnrin ọdún 11, ọmọkùnrin ọdún 7, àti ọmọbìnrin ọdún 4. Wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sí ilé aládùúgbò títí wọ́n fi sin òkú tán. Nígbà tí wọ́n padà dé, àbúrò bàbá wọn obìnrin pè wọ́n jọ, ó ní, 'Màmá sùn ni. Ẹ má sunkún mọ́.'

Lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí àbíkẹ́yìn kọ̀, kò sùn. Bí oorun bá gbé ìyá rẹ̀ lọ, yóò fi ìka ṣí ìpéǹpéjú ìyá náà. Bí wọ́n bá ra àkàrà láàárọ̀, yóò bu díẹ̀ pamọ́ sínú àwo fún Màmá. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyàwó kan bí ọmọbìnrin nínú agbo ilé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Yétúndé. Gbogbo ilé ń yọ̀ pé Ìyá ti padà wá. Ọmọ ọdún mẹ́rin yìí kúnlẹ̀ ti ìkókó náà lórí ẹní, ó ní, 'Màmá, níbo lẹ fi kọ́kọ́rọ́ àpótí yín sí?' Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé Màmá ti dé, kò sì mọ òun mọ́.

Ọmọ yìí kò ya òpè. Ní ọdún 1948, Maria Nagy tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ìlú Búdápẹ́ẹ̀sì tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 3 sí 10. Ó rí i pé àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 ka ikú sí oorun tàbí ìrìn àjò. Ẹni tí ó lọ lè padà. Àwọn tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 9 mọ̀ pé ẹni tí ó kú kì í padà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ka ikú sí ẹnìkan tí í máa wá mú ènìyàn lọ, tí a sì lè sá fún. Lẹ́yìn ọdún 9 ni wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tí kò ní í kú. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé òye yìí sábà máa ń tètè dé jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ọdún 5 sí 7, pàápàá fún ọmọ tí òkú ti kú nílé wọn. Nítorí náà, ìbéèrè ọmọ ni kí a máa wò, kí a má ṣe gbára lé ọjọ́ orí nìkan.

Ìyá àwọn ọmọ náà ni ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó gbé èyí kékeré lé ẹsẹ̀, ó ní, 'Màmá kú. Ẹni tí ó kú kì í mí mọ́. Ebi kì í pa á, òtútù kì í mú un, nǹkan kì í dùn ún, kò sì lè jí. Ẹni tí ó sùn ń mí. Gbé ọwọ́ lé mi láyà.' Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé e, ó gbọ́ bí ó ti ń lù kìkì. Ìyá tún ní, 'Yétúndé kì í ṣe Màmá tí o mọ̀. Ọmọ tuntun ni. Orúkọ yẹn ni a fi ń rántí Màmá.' Kò bá ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá nípa àtúnwá jà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dá a dúró títí ọmọ yóò fi mọ̀ pé ara tí a sin kì í jáde mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà tún béèrè ìgbà tí Màmá yóò dé. Ó béèrè bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá sì fi ń dá a lóhùn. Àtúnbéèrè báyìí kì í ṣe àìgbọràn; bí ọmọ kékeré ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ti ọmọkùnrin yàtọ̀. Òun kò béèrè ohunkóhun. Inú rírun ni ó ń ké láràárọ̀, kì í sì í lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìyá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ ìtùnú; ìbéèrè ni ó bi í: 'Kí ni ìwọ rò pé ó pa Màmá?' Ọmọ náà bú sẹ́kún. 'Èmi ni. Wọ́n ní kí n pọnmi wá, mo kọ̀. Mo tún bú wọn nínú mi.'

Ọmọ ọdún méje ti mọ̀ pé ikú ní ohun tí ń fà á, ó sì sábà máa ń wá a lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nílẹ̀ wa, ó tún ti gbọ́ pé èpè a máa jà. Bí a bá kàn ní 'Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́,' ẹrù náà yóò wà lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ okùnfà gan-an fún un: 'Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá Màmá jà kí a tó bí ọ. Ọjọ́ yẹn ni iṣan kan bẹ́ nínú ọpọlọ wọn. Omi tí o kò pọn kọ́ ni ó fà á. Ìbínú ọmọdé kì í ṣe èpè.' Inú rírun náà kò lọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó lọ. Bí kò bá lọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí ọmọ kò jẹun, tí kò fẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́, tàbí tí ó ń wí pé òun fẹ́ bá òkú lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kí a gbé e lọ.

Àgbà wọn mọ ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ń gbálẹ̀, tí ó ń rẹ àbúrò lẹ́kún, tí gbogbo àlejò sì ń yìn. Ìbéèrè tirẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: 'Màmi, bí ẹ̀yin náà bá kú, ta ni yóò tọ́jú wa?' Àbúrò bàbá rẹ̀ ké pé, 'Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀! Pa ẹnu rẹ mọ́!' Ṣùgbọ́n ìyá náà kò búra pé òun kò ní í kú, nítorí ọmọ ọdún 11 mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní, 'Ara mi le, mo sì ń retí pé n óò dàgbà bíi Màmá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bàbá yín wà, àǹtí yín náà sì wà níbí. Iṣẹ́ wa ni, kì í ṣe tìrẹ. Lọ bá ẹgbẹ́ rẹ ṣeré.' Ìgbà náà ni ọmọbìnrin yìí tó sunkún ìyá àgbà rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ní kí Yorùbá kó àdàpè dànù. Àdàpè ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún òkú, òun ni a sì fi ń ṣìkẹ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọmọdé, 'kú' ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Àwọn ìyókù yóò bá a níbẹ̀.

Nígbà tí ọdún kan pé, àlejò kan wá kí wọn. Ó bi èyí kékeré pé, 'Màmá yín àgbà ńkọ́?' Ọmọ náà ní, 'Wọ́n ti kú. Wọn kì í mí mọ́.' Ara àlejò bù máṣọ. Ọmọ náà wọ yàrá lọ, ó gbé aṣọ kan jáde. 'Ìborùn wọn nìyí,' ó ní. 'Èmi ni wọ́n fún.'