Ooru Ṣáájú Oúnjẹ: Ọjọ́ Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Ọmọ Ológbò Tí A Rí He

Ọ̀pọ̀ ọmọ ológbò tí àwọn ènìyàn rí he ló ń kú lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n là. Ẹni náà á gbé ẹran kékeré yìí wọlé, á rí i pé ìhà rẹ̀ ti wọnú, á sì sáré bu mílíìkì fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ikùn ẹran náà á ti wú, a ó sì máa sọ pé ẹni tí kò ní í gbé ni.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ obìnrin kan ní Ìbàdàn lè là wá lọ́yẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, lásìkò òjò, ó gbọ́ igbe ọmọ ológbò nínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Bí ara ẹran náà bá gbẹ tó sì móoru, ohun tó tọ́ ni kí ó fi í sílẹ̀ kí ó máa wò ó láti òkèèrè fún wákàtí mélòó kan, nítorí ìyá ológbò a máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibì kan sí òmíràn, ó sì lè padà wá mú èyí tó kù. Ṣùgbọ́n eléyìí ti tutù bí omi inú gọ́tà náà, igbe rẹ̀ sì ti ń rẹlẹ̀. Obìnrin náà fi tówẹ̀lì tó nípọn gbé e. Ó dára tó fi aṣọ bo ọwọ́, nítorí ẹran tí ẹ̀rù ń bà a máa géni jẹ, àrùn dìgbòlugi kì í sì í ṣe ti ajá nìkan. Ẹni tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá gé jẹ tàbí tó bá ya léèékánná gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò gbọ́dọ̀ dúró wo bóyá ẹran náà á ṣàìsàn.

Ìyàwó ilé kejì ní kí wọ́n gbé e jù síta, pé ta ni kò mọ ohun tí ológbò dúdú ń bá rìn lóru. Ọ̀rọ̀ àjẹ́ kì í tán nílé tí ológbò bá wọ̀. Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó wá páálí kan, ó tẹ́ aṣọ sí i, ó sì pe dókítà ẹranko lórí fóònù. Dókítà náà kò sí nítòsí, ilé-ìwòsàn kò sì ní í ṣí títí di ọjọ́ Ajé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi í ni pé, "Ṣé ara rẹ̀ ti móoru?"

Ikùn ọmọ ológbò tí ara rẹ̀ tutù kì í ṣiṣẹ́. Oúnjẹ tó bá wọ ibẹ̀ á kàn dúró, á sì máa bàjẹ́ níbẹ̀ ni. Bí ẹran náà kò bá sì lè gbé mì dáadáa, mílíìkì á gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà ooru ló ṣáájú. Obìnrin náà nu ara rẹ̀ gbẹ, ó rọ omi gbígbóná sínú ike, ó fi tówẹ̀lì wé e, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan péré nínú páálí, kí ẹran náà lè rìn kúrò nídìí rẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Ó tó wákàtí kan àbọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti inú ẹnu rẹ̀ tó móoru. Kò yẹ kí a kánjú rẹ̀: omi gbígbóná tí a bá ti ẹran bọ̀ tàbí iná tí a bá gbé e sí nítòsí lè pa á.

Láàárín àkókò yìí ni ó wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti là, ó ṣì láwọ̀ búlúù. Etí rẹ̀ ti nàró. Eyín iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ṣónṣó. Ó ń rìn, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọmọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Lórí òṣùwọ̀n tí ó fi ń wọn ìyẹ̀fun, gíráàmù 280 ni.

Mílíìkì màlúù kì í bá ikùn ọmọ ológbò mu, ó sì máa ń mú un ṣu gbuuru, èyí tó lè gbẹ omi ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò wà ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ẹran ọ̀sìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì lálẹ́ yẹn. Dókítà náà gbà á láàyè, fún òru kan ṣoṣo, kí ó lo mílíìkì inú agolo tí kò ní ṣúgà, kí ó sì fi omi sísè tó bá a dọ́gba là á. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ó rí ojúlówó rà.

Ikùn ọmọ ológbò kì í gbà ju nǹkan bí mìlílítà mẹ́rin lọ fún gíráàmù 100 ara rẹ̀. Fún eléyìí, mìlílítà 11 ni. Mìlílítà márùn-ún ni ó kọ́kọ́ fún un, ó sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin tọ̀sán-tòru. Ó jẹ́ kí mílíìkì náà lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, ó dojú ẹran náà bolẹ̀ lórí ikùn rẹ̀ bí ẹni ń mu ọmú ìyá, ó sì ń fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán an sí i lẹ́nu. Kò dà á délẹ̀ kó kọ ẹ̀yìn sílẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, nítorí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Bí mílíìkì bá tú jáde níhò imú, ọwọ́ ti yá jù. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń fi òwú tí ó rẹ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó lè tọ̀. Ahọ́n ìyá rẹ̀ ni ì bá ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ pọ́n bí omi tíì, àmì pé omi ti gbẹ lára rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, ó ti mọ́.

Eégbọn kéékèèké tó ń fò kún irun rẹ̀. Aládùúgbò kan gbé oògùn ẹ̀fọn wá. Irú oògùn yẹn, àti púpọ̀ nínú oògùn eégbọn ajá, ń pa ológbò; bẹ́ẹ̀ náà ni parasítámọ́ọ̀lù, tí hóró kan lè pa èyí tó dàgbà. Epo pupa tí a máa ń dà sẹ́nu ẹran kò sì yẹ ẹran tí kò lágbára láti gbé mì. Níwọ̀n bí erìgì rẹ̀ kò ti funfun, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, obìnrin náà fi òòyà olójú wẹ́wẹ́ ya eégbọn náà sínú omi ọṣẹ, kò sì wẹ̀ ẹ́.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: aago, iye tó mu, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, àti ìwọ̀n rẹ̀ láràárọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 280. Ọjọ́ Àìkú, 286. Ọjọ́ Ajé, 299. Dókítà ka ìwé náà kí ó tó fọwọ́ kan ẹran. Ó wo erìgì rẹ̀, ó fún un ní oògùn aràn tí a fi ìwọ̀n yẹn ṣírò, ó sì ní kí ó má jẹ́ kó bá ológbò mìíràn pàdé fún ọ̀sẹ̀ méjì.